Bí Ẹ̀jẹ̀ Bá Ń Dà, Kí Ni Ìdánwò Yẹ Kó Bèèrè?

Ìbéèrè kan wà tó jẹ́ pé ekukáká la fi máa rí akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí tí kò tíì dáhùn irú rẹ̀ rí: "Dárúkọ ohun mẹ́rin tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà lára obìnrin lẹ́yìn ìbímọ, kí o sì ṣàlàyé bí o ṣe máa tọ́jú rẹ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ á mú bírò, á kọ ọ́ pé ilé ọmọ lè kọ̀ kó má súnkì, ojú ara tàbí ọrùn ilé ọmọ lè ya, ibi lè ṣẹ́kù sínú, ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà sì lè má máa dì bó ṣe yẹ. Á to ìtọ́jú tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé rẹ̀ bá mọ́, tí kò sì fo nǹkan kan, ó lè gba máàkì 17 nínú 20.

Ẹ wá ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé nígbà tí ẹ̀kọ́ yìí bá parí, akẹ́kọ̀ọ́ á lè tọ́jú obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ìwé ìlànà ní á lè ṣe é, ìdánwò ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárín méjèèjì, kò sẹ́ni tó tíì rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà lórí ikùn ẹnikẹ́ni. Máàkì 17 yẹn kò lè sọ fún wa bóyá yóò mọ ibi tó máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn nígbà tí obìnrin bá ń dákú lójú rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ agbẹ̀bí, àlàfo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí oyún bá ti pé oṣù, nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ibi bá ti jáde, tí ilé ọmọ kò sì súnkì láti fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ pa, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà fún agbẹ̀bí láti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní láti rántí ojú ewé ìwé kó tó gbé ọwọ́ ti pẹ́ jù.

Ẹni tó fún ọ̀rọ̀ yìí ní orúkọ tí àwọn olùkọ́ kárí ayé ń lò lónìí ni John Biggs, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Họ́ńgì Kọ́ńgì. Ní ọdún 1994, ó ń kọ́ àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní ẹ̀kọ́ nípa bí ọpọlọ ṣe ń kọ́ nǹkan. Ó rí i pé bí òun bá ní kí wọ́n jókòó kọ ìdánwò, ohun tí wọ́n kà ni wọ́n máa kọ fún òun, bẹ́ẹ̀ ohun tí òun ń fẹ́ ni pé kí ẹ̀kọ́ náà yí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì padà. Ló bá ní kí oníkálukú kó ẹ̀rí jọ láti inú kíláàsì tirẹ̀, tó máa fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà ti wọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdààmú kọ́kọ́ bá àwọn tíṣà náà, wọn ò mọ irú ẹ̀rí tí wọ́n máa mú wá. Kí wọ́n tó lè rí i kó jọ, wọ́n ní láti máa ṣe ohun tí ìlànà ẹ̀kọ́ náà sọ pé kí wọ́n lè ṣe. Ní 1996 ó kọ àlàyé rẹ̀ jáde: kí ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe, ohun tí a ní kó máa ṣe ní kíláàsì, àti ohun tí a fi ń dán an wò jẹ́ ohun kan náà.

Kí n tó lọ síwájú, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ó yé wa dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ti máa ń ṣi ọ̀nà. Kí nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ara wọn mu kò tíì tó. Bí ìwé ìlànà bá ní akẹ́kọ̀ọ́ á lè dárúkọ ohun mẹ́rin tó ń fa ẹ̀jẹ̀ dídà, tí olùkọ́ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, tí wọ́n kà á lé e, tí ìdánwò sì ní kí wọ́n dárúkọ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ló bára mu láìkù síbì kan. Síbẹ̀, agbẹ̀bí kò tíì jáde níbẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, ká bèèrè ohun tí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ ń ṣe níbẹ̀, ká tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sínú ìwé ìlànà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ ẹ̀kọ́ kan, ìyẹn ti ẹ̀jẹ̀ dídà lẹ́yìn ìbímọ, ká gbà pé wákàtí 10 ni ilé ẹ̀kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ 40 ló wà ní kíláàsì. Nínú ìwé ìlànà àtijọ́, àfojúsùn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, "mọ̀," "ní òye" àti "mọrírì" ló sì ń bẹ̀rẹ̀ wọn. Ìbéèrè tí mo máa ń fi wo irú àfojúsùn bẹ́ẹ̀ rọrùn: bí mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí, kí ni màá rí tàbí kí ni màá gbọ́ tó máa jẹ́ kí n mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ní ohun tí ẹ kọ yẹn? Kò sẹ́ni tó lè fojú rí "mọrírì." Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ fọwọ́ra ilé ọmọ títí tó fi le, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló máa rí i.

Bí a bá fi ìbéèrè yẹn sẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mẹ́ta péré ló máa kù tó ní láárí. Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, kó sì sọ ní àkókò pé ó ti pọ̀ jù. Èkejì, kí òun àti ẹnì kan tó ń ràn án lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìtọ́jú láàárín ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì máa bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀kẹta, kó lè sọ ìdí tí ó fi ṣe ohun tó ṣe, kó sì yí ọwọ́ padà bí ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ náà kò bá jẹ́ èyí tó rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo èkíní yẹn dáadáa, torí inú ìwé ìlànà àtijọ́ kò sí i rárá. Ojú ni ọ̀pọ̀ agbẹ̀bí fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, ojú sì máa ń tanni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ń dín in kù tó. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, wáyé ní ilé ìwòsàn tó tó 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti Gúúsù Áfíríkà. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan sábẹ́ ìdí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀rá náà ní àpò nísàlẹ̀, ìlà ìwọ̀n sì wà lára àpò yẹn, kí agbẹ̀bí lè rí iye mílílítà tó ti wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà tí wọ́n fà fún ìkìlọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní máa dán ọ̀kan wò kí wọ́n tó kan èkejì. Níbi tí wọ́n ti ṣe báyìí, nǹkan bí 93 nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn ni wọ́n tètè mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 51 péré ni. Ewu ẹ̀jẹ̀ dídà tó le gan-an sì dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Gbogbo ìtọ́jú tó wà nínú ìwé kò wúlò fún obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wíwọn ẹ̀jẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ àfojúsùn tó dá dúró, kó ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ àti máàkì tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí àfojúsùn bá ti dúró, ó máa ń wu olùkọ́ kó lọ kọ nóòtì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó fi nóòtì sílẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò. Ohun tí ìdánwò bá bèèrè ni akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ́, ohun yòówù tí olùkọ́ ì báà kọ sára pátákó. Ní 1990, George Miller, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ògbóǹtarìgì nínú ìkọ́ni nípa ìṣègùn, pín ìdánwò sí ipele mẹ́rin tó gun ara wọn: ó mọ̀ ọ́n, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ṣe é níṣojú ẹni, ó ń ṣe é lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé kíkọ kò lè kọjá ipele kejì. Àfojúsùn méjì àkọ́kọ́ wa sì wà ní ipele kẹta, ó kéré tán. Fún ìyẹn, ìdánwò tí Ronald Harden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Dundee, ní ilẹ̀ Sìkótíláǹdì, ní 1975 ló bá a mu, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wa ń pè ní ọ́sìkì: akẹ́kọ̀ọ́ á máa lọ láti ibùdó kan sí òmíràn, iṣẹ́ kan á wà ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, olùdánwò á sì mú ìwé kan náà dání fún gbogbo wọn.

Báyìí ni ibùdó tiwa ṣe máa rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sùn sórí bẹ́ẹ̀dì gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ, ó so àpò ìdánrawò kan mọ́ ikùn. Àwọn kan ń ra èyí tí wọ́n ń pè ní MamaNatalie, tó ní ilé ọmọ àti ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá nínú. Ibi tí owó kò bá sí, àpò aṣọ tí wọ́n ki fóòmù sí, pẹ̀lú rọ́bà dírípù tó gba abẹ́ rẹ̀ jáde, máa ń ṣiṣẹ́ náà. Ọ̀rá ìwọ̀n wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá ti dé 350 mílílítà. Ìyá ọmọ náà ní, "Nọ́ọ̀sì, òòyì ń kọ́ mi o." Láti ìgbà yẹn ni aago ti ń ka.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọṣẹ́ á wo ọ̀rá, á ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè, á sì ké sí ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ikùn kí ẹni yẹn tó dé. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ̀jẹ̀ yín ń jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Màá fọwọ́ra ilé ọmọ yín, ó máa dùn yín díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á." Bí ilé ọmọ bá gbọ́, ó máa le lábẹ́ ọwọ́ bí ọsàn tí kò tíì pọ́n. Lákòókò yẹn, ẹnì kejì ti ń wá iṣan ẹ̀jẹ̀ láti so dírípù. Ọkisitósìn yúnítì 10 á wọlé. Oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, tíránẹkisámíìkì ásíìdì, gíráàmù 1, á gba iṣan wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Wọ́n á rí i pé àpò ìtọ̀ obìnrin náà ṣófo, torí àpò ìtọ̀ tó kún kì í jẹ́ kí ilé ọmọ súnkì. Wọ́n á yẹ ibi wò bóyá ó pé, wọ́n á yẹ ojú ara wò bóyá ó ya. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dúró, wọ́n á ké sí dókítà, wọ́n á sì sọ ohun tí wọ́n ti ṣe àti aago tí wọ́n ṣe é.

Ohun tó máa ń ba irú ìdánwò yìí jẹ́ jù ni ìwé máàkì. Ẹ jẹ́ ká ní ìgbésẹ̀ 20 ló wà nínú rẹ̀, máàkì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá gba 12 sì yege. Kíkí obìnrin ní máàkì kan, fífọ ọwọ́ ní máàkì kan, fífa kọ́tìnì ní máàkì kan, sísọ orúkọ ara ẹni ní máàkì kan, fífún un ní ọkisitósìn náà ní máàkì kan. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba 14 láìfọwọ́ra ilé ọmọ, láìfún obìnrin ní ọkisitósìn, kó sì yege. Ìwé máàkì bẹ́ẹ̀ ti sọ fún un pé kọ́tìnì àti ọkisitósìn kò ju ara wọn lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a yan ìgbésẹ̀ márùn-ún tí kò ṣeé fò: kíkà ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, kíképe ìrànlọ́wọ́, fífọwọ́ra ilé ọmọ, ọkisitósìn, àti oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú wọn á padà wá tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, bó tilẹ̀ gba 19. Kíkí obìnrin ṣe pàtàkì, mi ò sọ pé kí a yọ ọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò lè rọ́pò oògùn.

Èyí tó tún máa ń wáyé ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á fi ẹnu ṣe é. Á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Màá fọwọ́ra ilé ọmọ, màá fún wọn ní ọkisitósìn," ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, olùdánwò á sì máa fún un ní máàkì. Ìwé kíkọ nìyẹn tó yí ohùn padà. Olùdánwò ní láti gbà pé ohun tí ojú òun kò rí, kò ṣẹlẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní òun máa fa oògùn, kí sírínjì àti ìgò omi lásán wà níbẹ̀ kó fà á, kí olùdánwò sì wo iye tó fà.

Láàárín ọdún méjì péré, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti gbọ́ nípa ibùdó yìí lẹ́nu àwọn tó ti ṣe é, wọ́n á sì ti kọ́ ọ sórí. Ibẹ̀ ni àfojúsùn kẹta ti wúlò. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, nǹkan bí 70 ló jẹ́ pé ilé ọmọ tí kò súnkì ló fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ọ sórí máa ń rò pé gbogbo rẹ̀ ni. Nítorí náà, fún àwọn kan, kí ilé ọmọ ti le láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì ṣì máa tú jáde. Ẹni tó bá ń fọwọ́ra nìṣó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìwo ojú ara bóyá ó ya, orí ló fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá dúró, tó ní, "Ilé ọmọ ti le, ẹ gbé iná súnmọ́ mi," ti ní òye tí ìwé ìlànà àtijọ́ ń wá.

Apá tó kù nínú àfojúsùn kẹta ni ìwé kíkọ lè dán wò, bí ìbéèrè rẹ̀ bá ní orí. Dípò "dárúkọ mẹ́rin," ẹ bi wọ́n báyìí: obìnrin kan bímọ nílé ní aago 2 òru, wọ́n gbé e dé ní aago 6 kọjá ìṣẹ́jú 15 ní òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà. Ṣé wàá fún un ní tíránẹkisámíìkì ásíìdì? Kí ló dé? Ìdáhùn ni pé rárá, torí wákàtí mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni oògùn náà wà fún, bí àkókò bá sì ṣe ń lọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Tàbí kí ẹ ní: ìgò ọkisitósìn ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ mẹ́ta, nínú ooru, ilé ọmọ kò sì dáhùn sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé inú fíríìjì, ní ìwọ̀n òtútù 2 sí 8, ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, á mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ fura sí.

Nígbà tí ìdánwò bá ti rí báyìí, bí a ṣe máa kọ́ni fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ara rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wákàtí 8 nínú 10 ni olùkọ́ fi ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi 2 tó kù ṣe é fún wọn wò, akẹ́kọ̀ọ́ 40 á yí bẹ́ẹ̀dì ká, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan. Ní báyìí, wákàtí 3 ló tó fún ọ̀rọ̀ sísọ: bí ilé ọmọ ṣe ń súnkì, ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀, bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Wákàtí kan ni kí wọ́n fi wọn ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ á se sóbò, á fi omi là á, á da 300 mílílítà sórí ìrépé ìró kan, 500 sínú báàsì, 700 sórí páàdì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kálukú á yí i ká, á kọ iye tó rò sórí pépà. Lẹ́yìn náà, olùkọ́ á sọ òótọ́. Ẹ máa gbọ́ igbe nínú yàrá náà, torí ọ̀pọ̀ ló máa kọ 400 fún 700. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti rí i bí ojú òun ṣe tan òun jẹ, kò sí nóòtì tó tún ní láti sọ fún un pé kó lo ọ̀rá ìwọ̀n.

Wákàtí 6 tó kù wà fún ìdánrawò. Ẹni mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n pín ara wọn sí: agbẹ̀bí, olùrànlọ́wọ́, ìyá ọmọ. Wọ́n á máa pààrọ̀ ara wọn títí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á fi ti ṣe agbẹ̀bí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìwé máàkì tí olùdánwò máa lò ni kí ìyá ọmọ máa fi wò wọ́n, kó má jẹ́ àwòràwò lásán. Àwọn olùkọ́ kan máa ń fi ìwé yẹn pamọ́ bí ìwé ìdánwò. Mi ò rí ìdí rẹ̀. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n lè ṣe, kí wọ́n mọ̀ ọ́n dunjú ni a ń wá. Ohun tó yẹ ká fi pamọ́ kò ju irú obìnrin tí wọ́n máa bá lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìnira rẹ̀ wà o. Akẹ́kọ̀ọ́ 40 ní ìṣẹ́jú 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 600, wákàtí 10 gbáko fún olùdánwò kan. Bí olùdánwò méjì bá wà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì méjì, wákàtí 5 ni, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ kò tó ní láti pe àwọn agbẹ̀bí wọ́ọ̀dù wá ṣe olùdánwò, kó sì kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú wọn lórí ìwé máàkì náà, kí wọ́n jọ wo akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí oníkálukú fún un ní máàkì, kí wọ́n sì fi wéra. Bí ẹnì kan bá kọ 11 tí ẹlòmíràn kọ 17 fún akẹ́kọ̀ọ́ kan náà, ìgbésẹ̀ kan wà tí wọn kò tíì gbà sí bákan náà. Ẹ wá a rí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ipele kẹrin ti Miller, ìyẹn ṣíṣe é lẹ́nu iṣẹ́, ni ó le jù. A ò lè dúró de ẹ̀jẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ bí a ṣe ń dá a dúró, ọ̀pọ̀ sì lè parí ọ̀sẹ̀ wọn ní yàrá ìgbẹ̀bí láìbá a pàdé. Ohun tí a lè wò ní wọ́ọ̀dù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìbímọ: ṣé ó tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ṣé ó fún ìyá ní ọkisitósìn láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ jáde, ṣé ó ń fọwọ́ kan ilé ọmọ léraléra ní wákàtí àkọ́kọ́. Ìwọ̀nyí ni kí ìwé àkọsílẹ̀ ìgbẹ̀bí rẹ̀ máa gba ìfọwọ́sí lé lórí, dípò iye ọmọ tó gbà nìkan. Ṣùgbọ́n bí wọ́ọ̀dù kò bá ní ọ̀rá ìwọ̀n, tí agbẹ̀bí àgbà ibẹ̀ sì ń fi ojú wọn ẹ̀jẹ̀, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí ló máa gbé lọ. Kò ní bá ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ jiyàn nítorí ohun tí olùkọ́ sọ ní kíláàsì. Nítorí náà, olùkọ́ gbọ́dọ̀ lọ bá mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù náà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú ẹyọ ẹ̀kọ́ yìí kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn ìdánwò, ẹ má fi àròpọ̀ máàkì nìkan ṣe ìdájọ́. Ẹ tò ó sábẹ́ àfojúsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí 36 nínú 40 bá ṣe dáadáa nínú ìtọ́jú, tó sì jẹ́ pé 18 péré ló ka ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn létí, ibi tí àtúnṣe wà ti hàn: wákàtí sóbò yẹn kò tó, tàbí kò sí ọ̀rá ìwọ̀n nígbà tí wọ́n ń dánra wò. Àròpọ̀ máàkì kò ní sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni láé.

Ìdánwò ńlá kan sì ti wà níwájú àwọn olùkọ́ wa báyìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 500 mílílítà ni gbogbo ìwé kọ́ wa pé ó jẹ́ ààlà ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù lẹ́yìn ìbímọ. Ní 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ẹgbẹ́ agbẹ̀bí àti dókítà aboyún lágbàáyé gbé ìlànà tuntun jáde: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé 300 mílílítà, tí ìlùkìkì ọkàn obìnrin náà sì ń yára jù tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, kí a má dúró de 500. Olùkọ́ tó bá yí nóòtì rẹ̀ padà nìkan kò tíì ṣe ohun tó yẹ. Ìlà ìkìlọ̀ tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti wò lára ọ̀rá ìdánrawò ní láti yí. Ìbéèrè inú ìwé ní láti yí. Ìwé máàkì olùdánwò náà ní láti yí lọ́jọ́ kan náà, torí bí 500 bá ṣì wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ké sí ìrànlọ́wọ́ ní 350, nígbà tí ìyá ọmọ ní òòyì ń kọ́ òun, ni wọ́n máa kọ òdo fún.